Kí Ìdáhùn Wà Lẹ́nu Atajà: Bí A Ṣe Ń Sọ Síláìdì Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Di Káàdì

Oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ínfátà àti bátìrì kì í béèrè ohun tó wà lórí síláìdì. Kò ní sọ pé, "Ẹ ṣàlàyé ìmọ̀ ẹ̀rọ bátìrì yín fún mi." Ohun tó máa sọ ni pé, "Ṣé ó lè gbé fírísà mi mọ́jú?" tàbí "Ti aládùúgbò wa ò lò tó ọdún méjì tó fi kú," tàbí "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó ti wọ́n jù." Atajà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dé ti gbọ́ ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò tètè bọ́ sí i lẹ́nu. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nínú fóònù, tàbí kó ní kí oníbàárà dúró kí òun lọ bi ọ̀gá. Kó tó padà dé, oníbàárà ti ń wo ṣọ́ọ̀bù òdìkejì.

Ohun tó fà á ni pé ẹni tó ń dúró níwájú sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe síláìdì fún. Àkọlé wà lókè, kókó mẹ́fà tàbí méje tò sísàlẹ̀, àwòrán bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí atajà bá ṣí i kà lálẹ́, ńṣe ló máa dà bíi pé ó mọ gbogbo rẹ̀, nítorí ìdáhùn ti wà níwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Kò síbi tí orí ti ṣiṣẹ́ láti fa ọ̀rọ̀ náà yọ.

Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí àwọn kan ka àyọkà kan ní àkàtúnkà. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn kà á, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á ní àkàtúnkà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó ti gbìyànjú láti fa ọ̀rọ̀ yọ látinú orí wọn ló rántí jù, wọ́n sì fi púpọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ìdí nìyí tí ìdánwò tí ọ̀gá ń ṣe ní kété tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí fi ń tàn án jẹ. Gbogbo èèyàn á gbà á lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àṣírí á tú.

Káàdì ló ń wo èyí sàn. Páálí kékeré ni, tó ní ìbéèrè kan níwájú àti ìdáhùn kan lẹ́yìn. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdáhùn náà kó tó yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn gé síláìdì sí wẹ́wẹ́ tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kò tíì ṣe káàdì. Iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ ká jọ wò, ká sì fi ọjà kan ṣe é: ínfátà 5kVA pẹ̀lú bátìrì lítíọ́mù tí wọ́n kọ 51.2V, 100Ah sí lára, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù sólà báyìí.

Ohun tí kò yẹ kó di káàdì

Ká ní síláìdì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ 36. Ìtàn ilé iṣẹ́, àwòrán àwọn ọ̀gá, ìlérí nípa ọjọ́ iwájú àti ètò ọjọ́ náà á kó bíi méjìlá nínú rẹ̀. Ẹ gbé wọn sẹ́yìn, oníbàárà kankan ò ní béèrè wọn. Iye owó ọjà àti ẹ̀dínwó oṣù yìí náà kò gbọ́dọ̀ wọ káàdì. Owó ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí èèyàn bá sì ti há sórí kì í tètè kúrò níbẹ̀. Inú ìwé iye owó tó wà lórí tábìlì ni kí atajà ti máa wo ìyẹn.

Ohun tó yẹ ká wá ni èyí tí atajà gbọ́dọ̀ mọ̀ nígbà tí oníbàárà dúró síwájú rẹ̀, tí kò sì ní yí padà láàárín oṣù mẹ́fà: agbára ọjà náà, ohun tó lè gbé àti èyí tí kò lè gbé, bí ó ṣe yàtọ̀ sí oríṣi kejì, ohun tí wọ́ráńtì bò àti ohun tí kò bò. Ẹ má gbàgbé láti wo abẹ́ síláìdì kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n kọ *Notes* sí. Ibẹ̀ ni olùkọ́ sábà máa ń kọ àlàyé gidi sí, àwọn tó gba síláìdì náà kì í sì í wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ òótọ́ rẹ̀ wò

Káàdì máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró sórí, yálà òótọ́ ni tàbí irọ́. Nítorí náà, ẹ má kọ gbólóhùn kankan sí káàdì láìjẹ́ pé ẹ ti fi wé ìwé tó bá ọjà wá, kí ẹ sì ti bi onímọ̀ iná tó ń so ó nílé àwọn èèyàn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Síláìdì kan lè sọ pé bátìrì lítíọ́mù yìí "ń gbé iná pẹ́ ju bátìrì olómi mẹ́rin lọ lálẹ́." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fóltì 51.2 lọ́nà 100 jẹ́ wáàtì-wákàtí 5,120. Bí a bá lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó kù sí nǹkan bí 4,100. Bátìrì olómi fóltì 12 tó jẹ́ 220Ah ní wáàtì-wákàtí 2,640. Mẹ́rin jẹ́ 10,560. Ìdajì ni wọ́n máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó lò nínú rẹ̀ kó má bàa tètè bà jẹ́, ìyẹn 5,280. Ẹ rí i pé bátìrì olómi mẹ́rin ló gbé iná pẹ́ jù lálẹ́ ọjọ́ kan. Irọ́ ni síláìdì pa.

Ibòmíràn ni àǹfààní lítíọ́mù wà. Bí ẹ̀rọ tó ń rọ iná sí i bá lè gbé ámpù 50, ìdá 80 tí ẹ lò lálẹ́ á padà sínú rẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Bátìrì olómi 220Ah kì í fẹ́ ju bíi ámpù 22 lọ, nítorí náà ìdajì tí ẹ lò máa gbà ju wákàtí márùn-ún lọ kó tó padà. Ní àdúgbò tí iná ìjọba kì í pẹ́ tí wọ́n á fi mú un lọ, ohun tí oníbàárà ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí omi tí a ń bù sí i, ó sì ń pẹ́ ju olómi lọ kó tó rẹ̀. Atajà tó há irọ́ ti àkọ́kọ́ sórí máa ṣèlérí tí ilé oníbàárà máa já. Èyí tó há òótọ́ yìí sórí á ní ọ̀rọ̀ tó lè dúró tì.

Láti síláìdì sí káàdì

Wàyí o, ẹ mú síláìdì tó kọ agbára ọjà náà. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni "Bátìrì: 51.2V, 100Ah, LiFePO4, 6,000 cycles." Bí ẹ bá kọ níwájú káàdì pé "Kí ni agbára bátìrì yìí?" kí ẹ sì da gbogbo ìlà náà sẹ́yìn, atajà á há a sórí bí orin, kò sì ní mọ ohun tí yóò fi ṣe. Òfin méjì ló ń gbà wá. Èkíní, ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà ló gbọ́dọ̀ wà níwájú káàdì, bí ó ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ní èdè tó fi ń sọ ọ́. Èkejì, ohun kan ṣoṣo ni káàdì kan ń béèrè.

Nítorí náà, ìlà kan yẹn á di káàdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Níwájú ọ̀kan: "Ilé mi ń lo nǹkan bíi wáàtì 500 lálẹ́. Wákàtí mélòó ló máa gbé e?" Lẹ́yìn rẹ̀: "Bíi wákàtí méje. (4,100, yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí ínfátà ń jẹ, ó ku bíi 3,700. Pín in sí 500.)" Níwájú èkejì: "Ṣé ó máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù?" Lẹ́yìn rẹ̀: "Ó lè gbé ẹyọ kan tó jẹ́ agbára ẹṣin kan, tó bá jẹ́ oríṣi tí kì í fa iná ńlá nígbà tó bá ń gbéra. Bátìrì nìkan á gbé e fún bíi wákàtí mẹ́rin, bí kò bá sí nǹkan mìíràn tó ń jẹ iná." Níwájú ẹ̀kẹta: "Ṣé mo máa bu omi sí i?" Lẹ́yìn rẹ̀: "Rárá."

Ẹ kíyè sí i pé ìṣirò wà lẹ́yìn káàdì àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé oníbàárà mìíràn máa sọ pé wáàtì 800 ni tòun. Ẹni tó há "wákàtí méje" nìkan sórí á dúró bí ère. Ẹni tó mọ̀ pé 3,700 ni òun ń pín á dáhùn pé ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ń kọ ọjà

Apá yìí ló ṣòro jù, nítorí síláìdì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún un, ẹni tó kọ ọ́ sì lè máà tíì tajà rí. Ẹ lọ bá àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọjà náà, ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni oníbàárà sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kó tó jáde láìrà?" Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń padà wá ṣáá.

Ẹ má kọ odidi ọ̀rọ̀ sísọ sẹ́yìn irú káàdì yìí. Atajà tó bá há gbólóhùn márùn-ún sórí á máa kà á bí ìwé, oníbàárà á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ló yẹ kó wà níbẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ṣókí: ìbéèrè tí atajà máa kọ́kọ́ bi oníbàárà padà, òótọ́ kan tó kan ọ̀rọ̀ náà, àti ohun tó kàn láti ṣe.

Ẹ mú "Ó ti wọ́n jù." Ọ̀rọ̀ yìí lè túmọ̀ sí ohun mẹ́ta, ìdáhùn kan ò sì lè bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Nítorí náà, ohun tó wà lẹ́yìn káàdì àkọ́kọ́ kò ju ìbéèrè lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fi wé?" Lẹ́yìn náà ni káàdì mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e. Bí oníbàárà bá ní bátìrì olómi lòun fi wé e, ìdáhùn wà nínú ìṣirò tí a ti ṣe lókè: iye wákàtí tó ń gbà láti kún, omi tí kò nílò, iye ọdún wọ́ráńtì. Bí ó bá ní lítíọ́mù kan náà ni ṣọ́ọ̀bù mìíràn ń tà ní owó kékeré, atajà á bi í léèrè Ah tó wà lára tọ̀hún, ọdún wọ́ráńtì rẹ̀ àti ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó, kò yẹ kí atajà máa yin ọjà fún un mọ́. Kó bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi iná gbé gan-an, kó sì wò ó bóyá bátìrì tó kéré á tó o báyìí, tí wọ́n á lè so òmíràn mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú.

Òmíràn ni "Wọ́n ní lítíọ́mù máa ń gbiná." Ìdáhùn tó máa ń wá sẹ́nu atajà ni "Rárá, kò lè gbiná láé." Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dé orí káàdì. Òótọ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé èròjà LiFePO4 kì í tètè gbiná bí irú lítíọ́mù tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, nítorí ó gba ooru tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bà jẹ́, àti pé ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú bátìrì náà tó ń já iná nígbà tó bá ti gbóná tàbí kún jù. Ohun tó kàn ni pé kí atajà sọ ẹni tó máa so ó, irú wáyà tí wọ́n á lò, àti ẹ̀rọ tó ń já iná tí wọ́n á fi sí i, nítorí ìsopọ̀ tí kò dára lè mú kí bátìrì èyíkéyìí dá wàhálà sílẹ̀.

Bí oníbàárà bá sì sọ pé, "Mo fẹ́ lọ bá ọkọ mi sọ ọ́ ná," iṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ kó wà lẹ́yìn káàdì yẹn. Atajà á dáhùn pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀ mà," á sì kọ ohun mẹ́ta sórí ìwé fún un láti mú lọ: ohun tí ilé wọn ń lò, iye wákàtí tó máa gbé e, àti ọdún wọ́ráńtì. Ọkọ rẹ̀ máa béèrè nǹkan wọ̀nyẹn, ìyàwó kò sì ní lè rántí gbogbo rẹ̀.

Bí a ṣe ń fi káàdì kọ́ ara wa

Síláìdì 36 náà lè di nǹkan bí ọgbọ̀n káàdì. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Márùn-ún tàbí mẹ́fà tuntun lóòjọ́ ti tó. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó fi ara rẹ̀ dán ìgbàgbé wò, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1885 pé wákàtí àkọ́kọ́ sí ọjọ́ kìíní ni ohun tí a kọ́ máa ń yára sá lọ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, sísálọ rẹ̀ á dẹwọ́. Nítorí náà, ohun tuntun nílò kí á tètè padà sí i, ohun tí a ti mọ̀ lè dúró díẹ̀.

Ọmọ Jámánì mìíràn, Sebastian Leitner, sọ èyí di ètò tó rọrùn nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1972. Àpótí ló lò. Ẹ lè fi àpótí bàtà tí ẹ pín sí mẹ́ta ṣe é. Gbogbo káàdì tuntun wà ní ìpín kìíní, ojoojúmọ́ lẹ ó sì máa gbé wọn. Èyí tí ẹ bá gbà á lọ sí ìpín kejì, tí ẹ ó máa gbé ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ẹ bá tún gbà á, ó di ìpín kẹta, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí tí ẹ bá ṣì, níbikíbi tó wù kó wà, á padà sí ìpín kìíní. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò yín á máa lọ sórí ohun tí ẹ kò mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lórí fóònù lè lo Anki, tí Damien Elmes kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 2006. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni AnkiDroid lórí fóònù Android. Kò pọn dandan kí ẹ tẹ káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ wọ́n sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, ìlà kan fún káàdì kan, kí ẹ fi àmì `;` pín iwájú àti ẹ̀yìn:

```
#separator:Semicolon
Ṣé mo máa bu omi sí i?;Rárá
Wáàtì 500, wákàtí mélòó?;Bíi 7 (3,700 ÷ 500)
```

Ẹ fi orúkọ tó parí pẹ̀lú `.txt` pa á mọ́, kí ẹ sì lọ sí `File`, kí ẹ tẹ `Import`. Ẹ rí i pé kò sí `;` mìíràn nínú ìdáhùn náà, torí ibẹ̀ ni yóò gé e sí.

Yálà páálí ni tàbí fóònù, òfin kan ṣe pàtàkì: ẹ sọ ìdáhùn náà síta kí ẹ tó yí káàdì padà. Ìdáhùn tí èèyàn rò nínú ọkàn máa ń dà bíi pé ó pé. Ìgbà tí ẹnu bá gbé e ni a máa ń rí ibi tó ti já. Bí ó bá sì gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó jáde, ẹ kà á sí èyí tí ẹ ṣì, nítorí oníbàárà kì í dúró tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti wọ́

Àmì kìíní ni káàdì tó ń padà sí ìpín kìíní ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kì í ṣe orí atajà ló burú, káàdì náà ni. Ó lè jẹ́ pé ohun méjì ló ń béèrè, tàbí pé ó jọ káàdì mìíràn jù. Wọ́ráńtì ínfátà àti wọ́ráńtì bátìrì máa ń pa ara wọn báyìí, nígbà tí ọ̀kan bá jẹ́ ọdún méjì tí èkejì jẹ́ ọdún márùn-ún. Ẹ kọ káàdì kẹta tó bi wọ́n pọ̀: "Nínú ínfátà àti bátìrì, wọ́ráńtì èwo ló gùn jù?" Ó sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Àmì kejì fara sin jù. Atajà lè mọ ojú káàdì láìmọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: ó ti rí àbàwọ́n kọfí lára páálí yẹn, ó mọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ ni "Rárá." Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí ẹnìkejì mú káàdì náà, kó má kà á, kó sọ ọ́ lọ́nà mìíràn bí oníbàárà tó ń kánjú. "Ṣé ó máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù?" á di "Yàrá ọmọ mi gbóná, ṣé mo lè máa tan AC mọ́jú?" Bí atajà bá sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni" láìrántí wákàtí mẹ́rin, káàdì yẹn kò tíì wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá irú èyí kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ń ṣe ohun tí àpótí nìkan ò lè ṣe.

Ohun kan wà tí káàdì kò lè fi kọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni mímọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Oníbàárà tó ń ṣàlàyé bí bátìrì rẹ̀ àná ṣe kú lè fẹ́ kí a gbọ́ ọ parí, ìdáhùn tó yára jù á sì bí i nínú. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi ṣáájú òótọ́ lẹ́yìn gbogbo káàdì tó jẹ mọ́ àríyànjiyàn.

Lákòótán, ẹ yan ẹnì kan tí káàdì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa kọ déètì sí igun káàdì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá yí wọ́ráńtì padà tàbí tí oríṣi bátìrì tuntun bá dé, ẹni náà ló máa ya káàdì àtijọ́ ní gbogbo àpótí lọ́jọ́ kan náà, tó sì máa pín tuntun. Tuntun náà kò ní lọ sí ìpín tí àtijọ́ wà. Ìpín kìíní ló ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdáhùn tí orí ti mọ̀ dáadáa ni yóò máa sáré ṣáájú títí tí tuntun fi máa borí rẹ̀.